Kí ló yẹ kó wà nínú lẹ́tà tí wọ́n fi ń béèrè irinṣẹ́ kọ̀ǹpútà lọ́wọ́ ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́?

Bí alábòójútó iyàrá kọ̀ǹpútà bá kọ̀wé sí ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ girama pé ẹgbẹ́ àwọn ọmọ tó ń ṣe géèmù nílò kọ̀ǹpútà tuntun mẹ́fà, ohun tí ọ̀gá yóò kọ́kọ́ bi í ni pé ṣé owó ilé-ẹ̀kọ́ ni wọn yóò fi ra ohun ìṣeré. Ọ̀rọ̀ dídùn kò lè dáhùn ìbéèrè yìí. Inú àwọn kọ̀ǹpútà tó wà nílẹ̀ ni ìdáhùn wà.

Ẹni tó ń ṣe géèmù yóò ṣí Godot tó fi ń to géèmù náà, yóò ṣí èyí tó fi ń ya àwòrán, yóò sì tún ṣí ojú-ewé tó ń tọ́ ọ sọ́nà. Orí rámù ni gbogbo wọn ń jókòó sí. Bí rámù bá kún, Windows yóò bẹ̀rẹ̀ sí í kó ẹrù lọ sórí háàdì dísìkì, èyí tó lọ́ra jù ú lọ fíìfíì, iṣẹ́ yóò sì dúró gbagidi. Àwọn ènìyàn á ní kọ̀ǹpútà ti gbó, bẹ́ẹ̀ àyè ni kò tó.

Láti mọ̀ ọ́n, kí alábòójútó tẹ Ctrl+Shift+Esc nígbà tí àwọn ọmọ bá ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, kó sì wo Performance. Bí Memory bá ti lé ní 90%, tí Disk náà sì wà ní 100%, rámù ló kéré. Bí Memory bá láyè tí Disk kò sì kúrò ní 100%, háàdì dísìkì ló yẹ ní pípààrọ̀. Ṣùgbọ́n bí Godot bá ń ṣàròyé nípa Vulkan, rámù kò lè wo ìyẹn sàn. Kí wọ́n yan Compatibility nígbà tí wọ́n bá ń dá iṣẹ́ tuntun sílẹ̀. Ìyẹn kò ná wọn ní kọ́bọ̀.

Bí àpẹẹrẹ, lẹ́tà náà lè lọ báyìí:

“Ọ̀gá wa, ọmọ 12 ló wà nínú ẹgbẹ́ yìí, méjì-méjì ni wọ́n sì ń lo kọ̀ǹpútà kan. Gìgábáìtì 4 ni rámù ọ̀kọ̀ọ̀kan kọ̀ǹpútà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Ní Ọjọ́rú tó kọjá, Memory dé 94%, ó sì gbà wá ní ìṣẹ́jú mẹ́rin kí iṣẹ́ àwọn ọmọ tó ṣí. Mo yọ rámù gìgábáìtì 4 kan lára kọ̀ǹpútà tó ti bàjẹ́, mo fi kún ọ̀kan nínú wọn. Memory já sí 63%, iṣẹ́ náà sì ṣí kí ìṣẹ́jú kan tó pé. Nítorí náà, rámù márùn-ún péré la ń béèrè, a kò béèrè kọ̀ǹpútà kankan. Àwọn kíláàsì tó ń lo iyàrá náà láàárọ̀ yóò lò wọ́n pẹ̀lú.”

Kí lẹ́tà tó kúrò lọ́wọ́ alábòójútó, ó ku ohun méjì tí yóò yẹ̀ wò. Kó wo Slots used bóyá ojú ihò kan ṣì ṣófo. Kó sì ka ohun tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara rámù àtijọ́: PC3 ni ti DDR3, PC4 ni ti DDR4, ọ̀kan kò sì lè wọ ihò èkejì. Bí wọ́n bá ra èyí tí kò wọlé, owó ti lọ nìyẹn, ọ̀gá kò sì ní tètè fọwọ́ sí lẹ́tà kejì.