Nígbà Tí Òbìrìkítí Bá Di Ìlà Tààrà

Nọ́ńbà onípín méjì, irú bíi 3 + 2i, ní ibùdó tirẹ̀ lórí bébà: a ó rìn 3 sí ọ̀tún, a ó sì gòkè ní 2. Bí a bá sọ i di púpọ̀ pẹ̀lú ara rẹ̀, −1 ni a ó rí. Bí a bá wá fi irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀, z, sínú ìdá kan bíi w = (z − i)/(z + i), ibùdó kọ̀ọ̀kan yóò ṣí lọ síbòmíràn. Orúkọ August Ferdinand Möbius, ará Jámánì tó gbé ayé láti 1790 sí 1868, ni wọ́n fi ń pe irú ìyípadà yìí. Ibi tó ti yani lẹ́nu ni pé òbìrìkítí àti ìlà tààrà kì í di nǹkan mìíràn nínú rẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì náà ni wọ́n ń dà.

Èwo ni yóò dà? Ìsàlẹ̀ ìdá ni kí a wò. Níbí, −i ló ń sọ ọ́ di òdo. Bí z ṣe ń sún mọ́ −i ni w ń jìnnà sí i láìlópin. Òbìrìkítí tó bá gba −i kọjá yóò já níbẹ̀, ẹnu rẹ̀ méjèèjì yóò na jáde, yóò sì di ìlà. Èyí tí kò bá kan −i, òbìrìkítí ni yóò jẹ́.

Ẹ jẹ́ ká wo ìlà ìbú tó gba 0 kọjá. Kò kan −i, nítorí náà òbìrìkítí ni yóò dà, ibùdó mẹ́ta sì tó láti mọ èyí tó jẹ́: 0 lọ sí −1, 1 lọ sí −i, −1 lọ sí i. Òbìrìkítí tí àárín rẹ̀ jẹ́ 0, tí rédíọ́ọ̀sì rẹ̀ jẹ́ 1, nìyẹn. Ìdí rẹ̀ hàn gbangba: gbogbo ibùdó orí ìlà náà ló jìnnà sí i àti sí −i bákan náà, nítorí náà òkè ìdá àti ìsàlẹ̀ rẹ̀ tóbi dọ́gba. Ibùdó 1 nìkan ni ìlà náà kò dé, àmọ́ orí rẹ̀ méjèèjì ń sún mọ́ ọn bí wọ́n ṣe ń jìnnà lọ.

Bí a bá tún fi òbìrìkítí yìí kan náà sínú ìdá náà, ó gba −i kọjá. Nígbà tí 1 bá lọ sí −i, tí −1 lọ sí i, tí i sì lọ sí 0, ìlà òró ni a rí.

Àárín òbìrìkítí ni àṣìṣe ti máa ń wọlé. Mú èyí tí àárín rẹ̀ jẹ́ 2i, tí rédíọ́ọ̀sì rẹ̀ jẹ́ 1. Ìsàlẹ̀ rẹ̀, i, lọ sí 0. Òkè rẹ̀, 3i, lọ sí 1/2. Ìlà òró tó so wọ́n pọ̀ gba −i kọjá, nítorí náà ìlà tààrà ló ṣì jẹ́. Ìyípadà náà kì í sì í ba igun jẹ́, torí náà ó ṣì gba àárín òbìrìkítí tuntun kọjá. Àárín tuntun náà ni 1/4. Ṣùgbọ́n 2i fúnra rẹ̀ lọ sí 1/3. Ẹni tó bá gbé àárín àtijọ́ lọ, tó wá fi kọ́ńpáàsì yí i ká, kò ní rí òbìrìkítí tó ń wá. Etí rẹ̀ ni kí ó ti mú ibùdó mẹ́ta.