Ẹ̀jẹ̀ Tí Kì Í Wọ Fíríìjì

Ẹ jẹ́ ká sọ pé ọmọkùnrin kan tó ń gba oògùn jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ ń rin pákò láàárọ̀, ni ẹ̀jẹ̀ bá ń jáde lérìgì rẹ̀, tí kò dá. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kún fún àmì wínníwínní bí ojú abẹ́rẹ́. Ẹbí sáré dé, kálukú ń ká apá aṣọ sókè: "Nọ́ọ̀sì, ẹ fa tèmi!"

Ìfẹ́ ni wọ́n fi ṣe é, ṣùgbọ́n páìntì ẹ̀jẹ̀ lásán kọ́ ni ọmọ yìí nílò. Pílétílẹ́ẹ̀tì ló ti tán lára rẹ̀, ìyẹn àwọn wúńdíá tó ń dí ojú ihò tí ẹ̀jẹ̀ bá fẹ́ gbà jò. Nínú ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ bíńtín tí wọ́n fi ń kà á, ó yẹ kó tó 150,000 ó kéré tán. Tirẹ̀ jẹ́ 8,000, nítorí oògùn tó ń pa jẹjẹrẹ ti dá iṣẹ́ mùdùnmúdùn eegun rẹ̀ dúró. Bó bá ti wálẹ̀ ju 10,000 lọ, dókítà kì í sábà dúró de ìgbà tí ẹ̀jẹ̀ máa dà.

Kí ló dé tí ẹ̀jẹ̀ inú fíríìjì kò fi wúlò fún un? Òtútù tó ń pa sẹ́ẹ̀lì pupa mọ́ fún nǹkan bí ọjọ́ 35 ló ń ba pílétílẹ́ẹ̀tì jẹ́. Ara tètè ń kó èyí tó ti tutù dànù. Orí ẹ̀rọ tó ń mì ín jẹ́jẹ́ ni wọ́n ń gbé e sí, nínú yàrá tí kò tutù púpọ̀, ọjọ́ márùn-ún péré ló sì sábà ń lò. Láti inú ẹ̀jẹ̀ tuntun, ó tó èèyàn mẹ́rin sí mẹ́fà kí tiwọn tó tó àgbàlagbà kan.

Ibẹ̀ ni aférésíìsì ti wúlò. Ẹ̀rọ náà á fa ẹ̀jẹ̀ ẹnì kan díẹ̀díẹ̀, á fi í yí bírí, á yọ pílétílẹ́ẹ̀tì, á sì dá ìyókù padà sí i lára. Ó lè gbà tó wákàtí kan àbọ̀, nígbà tí páìntì ẹ̀jẹ̀ kì í ju bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Ètè lè máa rín yín wínríwínrín: oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì nínú ẹ̀rọ ló ń gba kálísíọ́ọ̀mù inú ẹ̀jẹ̀ yín. Ẹ má pa á mọ́ra. Nọ́ọ̀sì á dín eré ẹ̀rọ kù. Nítorí pé sẹ́ẹ̀lì pupa yín padà, ara ń tètè dí ohun tó lọ. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n gbà kéèyàn tún un fi sílẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ 7. Tí ó bá jẹ́ odidi ẹ̀jẹ̀, ọjọ́ 56 ni.

Ìyẹn kò sọ odidi ẹ̀jẹ̀ di ohun àná o. Ìyá tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀ lẹ́yìn ìbímọ, ọmọ tí ibà ti jẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tán, onífòníkú-fọ̀ladìde tí ara rẹ̀ ti funfun, sẹ́ẹ̀lì pupa ni wọ́n ń retí, pílétílẹ́ẹ̀tì nìkan kò lè gbà wọ́n.

Tí ilé ìwòsàn bá pè yín fún pílétílẹ́ẹ̀tì, ẹ kọ́kọ́ bi wọ́n bóyá wọ́n ní ẹ̀rọ náà. Bí ẹ bá sì ti lo asipírìn láàárín ọjọ́ méjì, ẹ sọ ọ́ kí wọ́n tó gún yín lábẹ́rẹ́.