Bí honōs Ṣe Di honor

Nígbà tí Cicero ń kọ lẹ́tà sí ọ̀rẹ́ rẹ̀, Papirius Paetus, ó rán an létí ohun kan nípa orúkọ ìdílé rẹ̀: Papisius ni àwọn baba ńlá rẹ̀ ń jẹ́ láyé àtijọ́. Ó ní Lucius Papirius Crassus, tó di apàṣẹwàá ní Róòmù ní nǹkan bí ọdún 340 ṣáájú ìbí Jésù, lẹni àkọ́kọ́ tí wọn kò pe ní Papisius mọ́.

Kì í ṣe ìdílé yẹn nìkan ló ṣẹlẹ̀ sí. Àwọn Valesius di Valerius, àwọn Fusius di Furius. Ẹnìkan kò pàṣẹ rẹ̀. Ẹnu àwọn tó ń sọ Látìn ló yí padà: s kan ṣoṣo tó bá wà láàárín fáwẹ̀lì méjì di r. Flōs ni wọ́n ń pe òdòdó, ṣùgbọ́n flōris ni 'ti òdòdó', nítorí pé níbẹ̀ fáwẹ̀lì tẹ̀lé ìró náà. Nínú est, 'ó jẹ́', t ló tẹ̀lé s, nítorí náà s dúró síbẹ̀. Nínú erat, 'ó jẹ́ nígbà kan rí', r ti gba ipò rẹ̀.

Irú nǹkan báyìí ni àwọn onímọ̀ èdè kan ní Leipzig, ní ilẹ̀ Jámánì, gùn lé tí wọ́n fi sọ ọ̀rọ̀ tó dá àríyànjiyàn sílẹ̀. Ọ̀dọ́ Onígírámà ni wọ́n ń pè wọ́n. August Leskien sọ ọ́ lọ́dún 1876, Hermann Osthoff àti Karl Brugmann sì tún un sọ kíkankíkan lọ́dún 1878: òfin ìyípadà ìró kì í yọ ọ̀rọ̀ kankan sílẹ̀. Bí ìró kan bá yí padà lẹ́nu àwùjọ kan, yóò yí padà nínú gbogbo ọ̀rọ̀ tó ti wà ní irú àyè kan náà, nítorí pé ìró kì í wo ìtumọ̀. Ẹni tó bá ti gbọ́ tí ọmọ Ọ̀wọ̀ pe ìlú rẹ̀ ní Ọ̀ghọ̀ ti fetí kan irú ìbáramu bẹ́ẹ̀: ibi tí àwọn kan ti ń pe gh ni àwọn mìíràn ti ń pe w.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan fẹ́ ba ẹjọ́ wọn jẹ́. Honōs ni 'iyì' ní Látìn. Níbẹ̀rẹ̀, honōsis ni 'ti iyì', honōsem sì ni wọ́n ń lò nígbà tí iyì bá jẹ́ àbọ̀ nínú gbólóhùn. Òfin dé, àwọn méjèèjì di honōris àti honōrem. Honōs fúnra rẹ̀ kò yí padà, nítorí pé kò sí fáwẹ̀lì lẹ́yìn s rẹ̀. Títí dé ibí, òfin ò ṣì í. Nígbà tó pẹ́, àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í wí pé honor. S ìparí ọ̀rọ̀ ti di r, níbi tí òfin kò ti ní agbára kankan!

Ìdáhùn àwọn Ọ̀dọ́ Onígírámà ni pé òfin ìró kò lọ́wọ́ sí èyí rárá. Àfarawé ló ṣe é. Látìn ní ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ bí ōrātor, 'sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀', tí r wà nínú gbogbo ẹ̀yà rẹ̀: ōrātor, ōrātōris, ōrātōrem. Ẹni tó ń gbọ́ honōris àti honōrem lójoojúmọ́ ti ní àwòkọ́ṣe lọ́wọ́:

ōrātōris : ōrātor = honōris : X

Honor ni X.

Hugo Schuchardt ta ko ẹ̀kọ́ wọn lọ́dún 1885. Ó sì yẹ kéèyàn bi wọ́n pé, bí àfarawé bá lè gba òfin sílẹ̀ ní gbogbo ìgbà, báwo la ṣe máa mọ̀ bí òfin bá kùnà? Causa, 'ìdí' tàbí 'ẹjọ́', ni ibi tí a ti lè dán wọn wò. S rẹ̀ wà láàárín fáwẹ̀lì, síbẹ̀ kò di r. Àfarawé kò lè ṣàlàyé rẹ̀, torí pé gbogbo ẹ̀yà ọ̀rọ̀ náà ló ní fáwẹ̀lì lẹ́yìn s. Kò sí èyí tí s ti bọ́ lọ́wọ́ òfin tí àwọn yòókù ì bá fara wé. Àkókò ló tú u. Quintilian jẹ́rìí pé Cicero àti Virgil ń kọ ọ́ ní caussa, pẹ̀lú s méjì. Òfin kò kan s méjì, nígbà tí wọ́n sì fi di ẹyọ kan, ọjọ́ òfin ti kọjá.

Àfarawé ní tirẹ̀ kò ṣeé sọ tẹ́lẹ̀. Flōs ní flōris àti flōrem gan-an bí honōs ti ní tirẹ̀, síbẹ̀ kò di flōr láéláé. Bẹ́ẹ̀ ni mūs, 'eku', àti mōs, 'àṣà'. Ọ̀rọ̀ onísílébù kan ni wọ́n, èyí sì lè wà lára ohun tó dáàbò bò wọ́n, bó tilẹ̀ jẹ́ pé fūr, 'olè', wà nílẹ̀ tí wọn ì bá fara wé. Kódà honor kò yára borí: ní nǹkan bí ọ̀ọ́dúnrún ọdún lẹ́yìn tí wọ́n ti gbàgbé Papisius, Cicero ṣì ń kọ honōs.