"Rà" di "tà": àṣìṣe tí tẹlifóònù kì í rí

Ẹ jẹ́ kí a mú obìnrin kan tí ń ta ẹja dídì ní Ekpè ṣe àpẹẹrẹ. Ó lọ sí Kútọnù, ó sì gbọ́ níbẹ̀ pé owó ẹja yóò gbówó lérí lọ́la. Ó yára kọ̀wé sí àbúrò rẹ̀ tí ó wà nídìí ọjà: "Ra paali eja mewaa." Ṣùgbọ́n ohun tí àbúrò rí kà ni: "Ta paali eja mewaa." Àbúrò ṣe bí a ti rán an. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n dé, páálí mẹ́wàá ti jáde kúrò nínú fìríìsà, kò sì sí ọ̀kan tí ó wọlé. Bí páálí kọ̀ọ̀kan bá fi 1.000 sefà gbówó lérí lọ́jọ́ kejì, 20.000 sefà ni lẹ́tà kan ṣoṣo mú lọ: 10.000 lórí páálí tí a tà, 10.000 lórí èyí tí a kò rà.

Báwo ni ó ṣe ṣẹlẹ̀? Ẹ wo ìlà òkè lórí tẹlifóònù tí a ṣètò sí èdè Faransé: A, Z, E, R, T, Y. R àti T fara kan ara wọn. Bí ìka bá yẹ̀ díẹ̀, "ra" di "ta". Àmì ohùn kò lè gbà wá níhìn-ín, nítorí ohùn kan náà ni "rà" àti "tà" ń lò.

Tẹlifóònù ní àkójọ ọ̀rọ̀ kan nínú. Ọ̀rọ̀ tí kò bá sí nínú àkójọ náà ni ó máa ń fa ìlà pupa sí nídìí, tàbí kí ó pààrọ̀ rẹ̀. Bí àkójọ náà bá jẹ́ ti Faransé, "ile" tí a kọ lè di "île", èyí tí ó túmọ̀ sí erékùṣù. A lè dá irú ìpààrọ̀ yìí dúró: kí a wọ inú ètò àtẹ ìkọ̀wé, kí a sì pa "Correction automatique". Ṣùgbọ́n èyí kò wo àrùn "ra" àti "ta" sàn. Bí àkójọ náà tilẹ̀ jẹ́ ti Yorùbá, ọ̀rọ̀ gidi ni méjèèjì. Tẹlifóònù kò mọ èyí tí ó wà lọ́kàn wa.

Èdè wa fúnra rẹ̀ ní ẹlẹ́rìí. A máa ń ra nǹkan lọ́wọ́ ẹnìkan. A sì máa ń tà á fún ẹnìkan. Bí ẹ̀gbọ́n bá kọ ọ́ pé, "Ra paali eja mewaa lowo onifiriisa," tí R sì di T, àbúrò yóò ka "Ta paali eja mewaa lowo onifiriisa." Ọ̀rọ̀ náà kò ní dún dáadáa létí rẹ̀, yóò sì pe ẹ̀gbọ́n láti béèrè. Nítorí náà, nínú iṣẹ́ tí a bá fi owó rán, kí "lọ́wọ́" tàbí "fún" máa tẹ̀ lé e, kí a sì kà á sókè kí a tó fi ránṣẹ́.