Iná Lábù Kú Kí Ìwọ̀n Tó Parí: Lẹ́tà Tí Olùkọ́ Lè Dá Lóhùn

Ẹ̀rọ a máa daṣẹ́ sílẹ̀ mọ́ akẹ́kọ̀ọ́ físíìsì lọ́wọ́ nígbà tí ọjọ́ tó yẹ kó kó ìròyìn iṣẹ́ lábù rẹ̀ sílẹ̀ ti sún mọ́lé. Lẹ́tà tí ọ̀pọ̀ ń kọ nígbà náà kò ju "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ̀rọ bàjẹ́, ẹ fún mi láyè díẹ̀" lọ. Olùkọ́ tó bá kà á kò ní mọ ohun tó kù, kò sì ní mọ iye ọjọ́ tó yẹ kó fi kún un. Lẹ́tà tó wúlò gbọ́dọ̀ sọ ibi tí ìwọ̀n dé gan-an.

Ẹ jẹ́ ká wo iṣẹ́ kan tó wọ́pọ̀ nínú ẹ̀kọ́ nípa ìmọ́lẹ̀: wíwọn gígùn ìgbì ìmọ́lẹ̀ iná sódíọ̀mù. Akẹ́kọ̀ọ́ á tan iná náà sí gíláàsì kan tí wọ́n fa ìlà 600 sí láàárín mílímítà kan ṣoṣo. Gíláàsì yìí á ya ìmọ́lẹ̀ náà sọ́tùn-ún àti sósì. Akẹ́kọ̀ọ́ á wá fi awò orí sipẹkitirómítà wá ìlà ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ ìyeyè lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, á ka nọ́ńbà tó wà níbẹ̀, á sì pín ìyàtọ̀ wọn sí méjì. Ìdajì yìí ni igun θ tó máa lò nínú d sin θ = λ, níbi tí d ti jẹ́ àlàfo tó wà láàárín ìlà gíláàsì méjì.

Bí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tan iná sódíọ̀mù, pupa ló máa ń kọ́kọ́ tàn, nítorí afẹ́fẹ́ níọ́ọ̀nù tó wà nínú rẹ̀. Irin ni sódíọ̀mù. Ó gbọ́dọ̀ gbóná di oruku kí àwọ̀ ìyeyè tó yọ, èyí sì ń gba ìṣẹ́jú mélòó kan. Bí pupa náà kò bá kúrò, a jẹ́ pé iná mànàmáná tó ń wọlé kò lágbára tó, tàbí pé gílóòbù náà ti gbó. Ẹni tí irú èyí ṣẹlẹ̀ sí lè kọ̀wé báyìí:

"Dókítà, ẹ kú iṣẹ́ o, sà.

Mo ń tọrọ àfikún ọ̀sẹ̀ kan lórí ìròyìn iṣẹ́ iná sódíọ̀mù tó yẹ kí n kó sílẹ̀ lọ́jọ́ Ẹtì yìí. Lọ́jọ́ Ajé, mo ka àárín ní 180°10′, mo sì ka apá òsì ní 159°32′. Kí n tó dé apá ọ̀tún, iná lọ. Nígbà tó padà dé, gílóòbù náà tàn pupa títí a fi ti lábù, kò yí sí ìyeyè. Ọ̀gá tó ń bójú tó lábù rí i, wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé wọn. Wọ́n ní gílóòbù mìíràn yóò wà lọ́jọ́ Ajé tó ń bọ̀. Mo fẹ́ tún gbogbo ìwọ̀n náà kà lọ́jọ́ yẹn, kí n sì kó ìròyìn sílẹ̀ lọ́jọ́ Ẹtì rẹ̀. Ẹ̀dà àwọn nọ́ńbà tí mo ti kà wà pẹ̀lú lẹ́tà yìí. Ẹ ṣeun, sà."

Olùkọ́ lè béèrè pé ṣé apá òsì nìkan kò tó ni. Kò tó. Láti àárín dé apá òsì jẹ́ 20°38′, èyí sì fún wa ní gígùn ìgbì tó tó 587 nánómítà, bẹ́ẹ̀ 589 ló yẹ kó jẹ́. Bí gíláàsì bá fi dígírí kan péré yẹ̀ kúrò ní ìdúró tó yẹ, igun apá kan á dín, ti apá kejì á sì pọ̀. Bí apá ọ̀tún bá jẹ́ 200°56′, ìyàtọ̀ láti òsì dé ọ̀tún jẹ́ 41°24′. Ìdajì rẹ̀ ni 20°42′, èyí tó mú wa dé 589. Àṣìṣe apá méjèèjì ti pa ara wọn rẹ́.

Ìdí nìyẹn tí akẹ́kọ̀ọ́ náà fi ní òun yóò tún gbogbo rẹ̀ kà. Ẹni tó ń pààrọ̀ gílóòbù lè sún tábìlì tàbí kó fọwọ́ kan gíláàsì, nọ́ńbà òsì ti àtijọ́ kò sì ní bá ti ọ̀tún tuntun mu mọ́.

Àwọn kan á ní kó kúkú da nọ́ńbà ọ̀rẹ́ rẹ̀ kọ. Kí ó má dán an wò. Ibi tí sipẹkitirómítà kọ̀ọ̀kan ti ń bẹ̀rẹ̀ kíkà yàtọ̀ síra wọn: igun θ akẹ́kọ̀ọ́ méjì lè jọra, ṣùgbọ́n kì í sábà ṣẹlẹ̀ kí nọ́ńbà òsì àti ọ̀tún wọn bára mu délẹ̀ lórí ẹ̀rọ méjì. Olùkọ́ tó bá gbé ìwé méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn yóò rí i.

Bí olùkọ́ bá kọ̀ láti fi ọjọ́ kún un, kí akẹ́kọ̀ọ́ kó 587 náà sílẹ̀ bó ṣe rí, kí ó sọ pé apá òsì nìkan ni òun kà, kí ó sì ṣàlàyé bí ìdúró gíláàsì ṣe lè fa ìyàtọ̀ nánómítà méjì náà.