Ìkíni Lórí WhatsApp: Ibi Tí Ohùn àti Èmójì Yẹ Sí

Láàárín àwọn Yorùbá, ọ̀rọ̀ ẹnu nìkan kọ́ ni ìkíni. Ọkùnrin á dọ̀bálẹ̀, obìnrin á kúnlẹ̀, àgbà á sì fi oríkì dáhùn. Ọ̀rọ̀ tí a tẹ̀ sórí WhatsApp kò lè gbé gbogbo èyí, nítorí náà ni àwọn èèyàn ṣe ń fi ohùn àgbàsílẹ̀ àti èmójì kún un. Àmọ́ ohun tó dùn mọ́ ìyá ẹni lè dà bí àfojúdi lójú ọ̀gá ibi iṣẹ́.

Àwọn òbí àti àgbà ilé ni ohùn àgbàsílẹ̀ yẹ jù. Ọ̀pọ̀ wọn ni kò rí lẹ́tà wínníwínní kà dáadáa mọ́, Yorùbá tí kò ní àmì ohùn sì máa ń ni wọ́n lára láti kà. Bí ọmọ tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù bá ní, “Ẹ káàárọ̀ mà, ṣé dáadáa lẹ jí? Ṣé ara le?”, ìyá rẹ̀ ní Ọ̀yọ́ á ti inú ohùn náà mọ̀ bóyá ara ọmọ òun yá tàbí ó rẹ̀ ẹ́. Òun náà á tẹ àmì máìkì mọ́lẹ̀, á pè é ní Àjọkẹ́, á sì ṣàdúrà fún un. Oríkì tí a kọ sílẹ̀ kì í wọni lára tó èyí tí ìyá fi ẹnu ara rẹ̀ pè.

Ọ̀rọ̀ yí padà bó bá di ọ̀gá ibi iṣẹ́, olùkọ́ yunifásítì tàbí oníbàárà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀. Èèyàn lè fi ojú wo ọ̀rọ̀ tí a kọ kó sì mọ ohun tó wà níbẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ti ohùn kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó wà nípàdé ní láti jáde síta tàbí kó gbé fóònù sétí, kò sì mọ̀ bóyá “ẹ káàárọ̀” lásán ló wà nínú rẹ̀ tàbí ọ̀rọ̀ pàjáwìrì. WhatsApp máa ń fi gígùn ohùn hàn. Ọ̀gá tó rí ìṣẹ́jú mẹ́rin ti mọ̀ pé ẹ̀bẹ̀ kan wà lẹ́yìn ìkíni yẹn. Láti ọdún 2021 ni ohùn náà ti ṣeé mú yára dé ìlọ́po méjì, bí a bá sì gbọ́ ìkíni ní irú eré bẹ́ẹ̀, ọ̀wọ̀ inú rẹ̀ ti dànù.

Ní ti èmójì, ẹ̀yìn ọ̀rọ̀ ni àyè rẹ̀. “Ẹ káàárọ̀ sà 🙇” dára, nítorí pé ẹni tó tẹrí ba náà ti la ẹnu. 🙇 nìkan dà bí ọmọ tó dọ̀bálẹ̀ láìfọhùn. Èyí tó léwu jù ni 👋, torí pé ọmọdé kì í juwọ́ kí àgbà. Ẹgbẹ́ ẹni là ń juwọ́ sí. Àdúrà náà tún wà níbẹ̀. Bí àgbà bá ṣàdúrà, tí ọmọ kàn lẹ 👍 mọ́ ọn, kò tíì ṣe àmín. Kó tẹ “Àmín, ẹ ṣé mà” ló tọ́.

Níbi ọ̀fọ̀ ni àṣìṣe ti máa ń dunni jù. Àwọn àgbà kan rò pé ẹkún ni 😂, nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ ń fi 😭 rẹ́rìn-ín. Ká sọ pé ìyá ọ̀gá kan ní Ìbàdàn kú lẹ́ni ọdún márùndínláàádọ́rùn-ún, òṣìṣẹ́ rẹ̀ sì gbọ́ láàárọ̀. Bó bá fi “Ẹ pẹ̀lẹ́ sà 😭😭” ránṣẹ́, ó lè dà bí ẹ̀fẹ̀. Ohùn náà kò yẹ lọ́jọ́ yẹn, torí pé ọ̀gá lè wà láàárín àwọn tó wá bá a kẹ́dùn, bó bá sì ṣí i, gbogbo ilé á gbọ́. Èyí tó tọ́ ni kó kọ ọ́ ṣókí: “Ẹ kú ọ̀rọ̀ èèyàn sà. Ẹ kú ìrọ́jú. Ọlọ́run á dẹlẹ̀ fún màmá.” Lẹ́yìn náà ni yóò pe ọ̀gá, tàbí kó lọ sílé rẹ̀. Lẹ́yìn ìsìnkú, ẹni tó sún mọ́ ọ̀gá lè fi ohùn kí i pé ẹ kú àṣẹ̀yìndè.

Bí kò bá dáni lójú, kí àgbà kọ́kọ́ fi ohùn ránṣẹ́ ná. Bó bá ti ṣe bẹ́ẹ̀, ó ti fàyè gba ohùn nìyẹn. Àmì kan tún wà: máìkì tó wà lára ohùn tí a fi ránṣẹ́ máa ń di búlúù bí ẹni tí a fi ránṣẹ́ sí bá ti gbọ́ ọ. Bí kò bá di búlúù fún ọjọ́ méjì, tí ẹni náà sì ń yára fèsì ọ̀rọ̀ tí a kọ sí i, kíkọ ló fẹ́.