Ọgbẹ́ ìgéjẹ ajá àti ti ènìyàn

Ọgbẹ́ ìgéjẹ ni ọgbẹ́ tí eyín ẹranko tàbí ti ènìyàn dá sí ara. Bí ó ti tóbi tó nìkan kọ́ ni a fi ń mọ ewu rẹ̀. Itọ́ tí eyín gbé wọlé àti ibi tí eyín wọ̀ ṣe pàtàkì jù. Ẹ jẹ́ kí a fi ọkùnrin méjì ṣe àpẹẹrẹ ní Bàrúwà, ní ìjọba ìbílẹ̀ Alímọ̀ṣọ́, Ìpínlẹ̀ Èkó. Ajá ya ẹran ẹsẹ̀ ẹni àkọ́kọ́. Ẹnìkejì fi ẹ̀ṣẹ́ lu ẹni tí ó ń bá jà lẹ́nu, eyín sì gún un ní oríkèé ìka. Ọgbẹ́ rẹ̀ kò ju hóró àgbàdo lọ, ṣùgbọ́n òun ni ó léwu jù: nígbà tí ó bá na ìka, awọ ara á sún bo ihò náà, itọ́ á sì há sínú oríkèé.

Fífọ ọgbẹ́

Kí àwọn méjèèjì fi ọṣẹ àti omi tí ń ṣàn fọ ọgbẹ́ lójú ẹsẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15. Ní ilé ìwòsàn, a óò tún fi omi oníyọ̀ fọ inú rẹ̀, a óò sì gé ẹran tí ó ti kú kúrò. A kì í sábà rán ọgbẹ́ ìgéjẹ ọwọ́, kí ìdọ̀tí má baà há síbẹ̀.

Oògùn apakòkòrò

Kì í ṣe gbogbo ìgéjẹ ajá ni ó nílò oògùn apakòkòrò. Bí ọgbẹ́ ẹsẹ̀ ẹni àkọ́kọ́ kò bá jìn, tí ara rẹ̀ sì dá ṣáṣá, fífọ dáadáa lè tó. Ẹnìkejì nílò rẹ̀, nítorí eyín ènìyàn ni, ọwọ́ ni, oríkèé sì ni. Amọ́sísílìnì tí a pò mọ́ kílàfúlánétì ni a sábà ń lò, fún ọjọ́ 3 sí 5. Fílájììlì nìkan kò lè pa Ikẹnẹ́là, kòkòrò kan tí ń gbé ẹnu ènìyàn. Bí ọwọ́ bá wú, tí ó ń ṣe ọyún, tàbí tí ìka kò ṣe é nà, àrùn ti wọ̀ ọ́. Iṣẹ́ abẹ lè pọn dandan. Kí ó yára lọ sí ilé ìwòsàn, bí irú Ilé Ìwòsàn Gbogbogbòò Alímọ̀ṣọ́ ní Ìgándò.

Ààbò lọ́wọ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì

Abẹ́rẹ́ àjẹsára tí a gbà ní ọ̀sẹ̀ 6, 10 àti 14 lẹ́yìn ìbí kò lè dáàbò boni títí ayé. Bí ẹni àkọ́kọ́ bá ti gba mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí èyí tí ó gbà gbẹ̀yìn kò sì tíì pé ọdún 5, kò nílò òmíràn. Bí ẹnìkejì kò bá mọ iye tí ó ti gbà, yóò gba àjẹsára, yóò sì gba ìmúnoglóbúlìnì pẹ̀lú, nítorí àjẹsára kì í ṣiṣẹ́ lójú ẹsẹ̀.

Dìgbòlugi

Oògùn apakòkòrò àti abẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì kò ran dìgbòlugi rárá. Kí ẹni tí ajá gé jẹ lọ sí ilé ìwòsàn ní ọjọ́ náà gan-an, kí wọ́n lè pinnu bóyá yóò bẹ̀rẹ̀ àjẹsára dìgbòlugi, bí ọgbẹ́ náà tilẹ̀ kéré.